Àjà Kíláàsì Já Lulẹ̀ Lẹ́yìn Òjò Ńlá ní Jọ́ọ̀sì: Ohun Tó Bàjẹ́ àti Ohun Tí A Ṣe Kí Àwọn Ọmọ Tó Padà

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ kejì tí àwọn ọmọ wọlé padà láti ìsinmi gígùn, òjò rọ̀ ní ìlú Jọ́ọ̀sì láti bí aago mẹ́sàn-án títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ń gbé orí òkè yìí mọ irú òjò bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ló máa ń ṣáájú, yìnyín lè tẹ̀lé e, omi á wá máa dà bí ìgbà tí èèyàn ń da garawa. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, máígádì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa gbọ́ ìró ńlá, ó rò pé igi ló wó. Ó yí ọgbà náà ká, kò rí igi kankan tó wó. Ìgbà tó tan tọ́ọ̀ṣì wọ kíláàsì àárín láti ojú fèrèsé ló rí i pé àjà ti já sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.

A ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sì wà nínú àwọn tó bá wọn wá owó kọ́ ọ ní ìgbà kan. Nítorí pé irin, ìṣó àti bọ́ọ̀dù àjà là ń tà lọ́jà, wọ́n pè wá ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì pé ká wá wo ohun tí wọn yóò rà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé orí ríra nǹkan rárá. Ohun tí a rí, àti ohun tí wọ́n ṣe fún ọjọ́ 12 kí àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì náà padà, la kọ síbí fún ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ tó ti gbó díẹ̀.

Ilé oníkíláàsì mẹ́ta ni, ilẹ̀ ilé ni, páànù kan ṣoṣo ló bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíláàsì àárín gùn tó mítà 9, ó fẹ̀ tó mítà 7. Bọ́ọ̀dù àjà rẹ̀ jẹ́ oníẹsẹ̀-bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lé ní 40. Mọ́kànlá nínú wọn ló já. Àwọn kan ṣubú ní odindi wọ́n sì fọ́ lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan ń fì láti ara ìṣó kan. Fáànù ti rọ̀ sílẹ̀ lórí wáyà rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Bẹ́ǹṣì méjì dá. Ìwé àwọn ọmọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn di ẹ̀kọ. Lórí ilẹ̀ ni omi dúdú, ìtẹ́ ẹyẹ, eruku ọdún gbọọrọ àti àfọ́kù bọ́ọ̀dù ti pò pọ̀. Ibi tí bọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù já sí, orí ìlà kejì àti ìkẹta ni, níbi tí àwọn ọmọ kékeré máa ń jókòó kí wọ́n lè rí pátákó. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó nǹkan bíi kílò 10 nígbà tó gbẹ, ká má tíì sọ ti omi tó mu. Ká ní ó di aago mẹ́wàá àárọ̀ kó tó já ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Hẹ́dìmísì ti ní kí wọ́n wá gbálẹ̀, pé ní Mọ́ńdè wọn yóò kó àwọn ọmọ náà mọ́ kíláàsì kejì. Kì í ṣe pé kò bìkítà. Táàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn òbí ti san owó. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn ṣe tàn, àwọn òbí ti kún ẹnu géètì. Ẹ má gbàgbé ìlú tí a wà. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Busa Buji níbí ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, ó sì lé ní èèyàn 20 tó kú. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá sọ fún òbí ní ìlú yìí pé nǹkan wó ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ti di ẹni tó ń sáré. Bàbá kan sọ fún hẹ́dìmísì pé, “Ẹ forí jìn mí, Mà, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní wọ inú ọgbà yìí títí ẹni tó mọ̀ nípa ilé yóò fi wò ó.” Àwọn mìíràn ní àjà lásán ni, àtùnṣe ọjọ́ kan.

Àwọn méjèèjì ní òtítọ́ lọ́wọ́. Àjà tó já kì í ṣe ilé tó wó. Àjà kò gbé ohunkóhun ró, ara igi ni wọ́n fi ìṣó so ó rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń bo ohun tó ń gbé òrùlé ró mọ́lẹ̀, nítorí náà nígbà tó bá já, ó di dandan kí ẹnì kan gòkè lọ wo ohun tó ti ń bò láti ọjọ́ yìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ òbí àti hẹ́dìmísì fẹnu kò sí nìyẹn, pé kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lábẹ́ páànù kan náà ni wọn yóò tì, kì í ṣe àárín nìkan. Omi tó wọlé ní ibì kan lè gba orí igi rìn lọ sí kíláàsì kejì kó tó kán. Ìyẹn gan-an ni kíkó àwọn ọmọ lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ìbá fi jẹ́ àṣìṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, ni pípa iná. Àwọn kan rò pé tí nẹ́pà ò bá ti mú iná wá, kò séwu. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní jẹnẹrétọ̀, ó tún ní sólà, sólà kì í sì í dúró de nẹ́pà. Oníná ni wọ́n pè, òun ló pa súwíìṣì ńlá, tó yọ ẹnu wáyà tó ń lọ sí ilé náà, tó sì so páálí mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má tàn án. Wáyà tó ti lọ láàárín igi àti bọ́ọ̀dù tútù lè ti bó lára nígbà tí bọ́ọ̀dù ń já, kò sì ní hàn láti ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀, a sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń ṣe ara rẹ̀ léṣe láìmọ̀. Àwọn ìyá méjì tó ń tọ́jú ọgbà ti mú ìgbálẹ̀ àti páńù dání. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Bọ́ọ̀dù tó já náà jẹ́ irú eléérú líle, tó máa ń fọ́ bí àwo, tí ojú ibi tó ti fọ́ máa ń yọ fọ́nrán bí irun. Gbogbo wa lọ́jà ló mọ̀ ọ́n sí asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ohun tí a ń tà báyìí lórúkọ yẹn, àwọn tó ń ṣe é sọ pé kò ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú mọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ní in dáadáa. Ilé yìí sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ojú tó lè wò ó kó sọ pé ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí, àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́. Nítorí náà, bọ́ọ̀dù tó bá ti pẹ́ tó báyìí, ẹ mú un bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó dúró jẹ́ẹ́ lókè, tí kò fọ́, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èèyàn ní nǹkan. Ìgbà tó bá fọ́ tó sì gbẹ ni fọ́nrán rẹ̀ máa ń fò nínú afẹ́fẹ́, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, èèyàn á fà á símú, kò sì ní jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní gbangba pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ó lè tó ogún ọdún sí ogójì kó tó farahàn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ ọdún méje tó bá fà á símú lónìí ṣì ní gbogbo ọdún yẹn níwájú.

Ká sòótọ́, òjò tó ba nǹkan jẹ́ ló tún ṣe wá lóore níbí, nítorí ohun gbogbo ṣì tutù. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an kó tó gbẹ. Ọkùnrin méjì péré ló wọlé, wọ́n wọ aṣọ tí wọn ò ní wọ̀ mọ́, bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́, àti ìbòmú tí wọ́n kọ FFP3 sí lára. Ìbòmú aṣọ tí a ń lò nígbà kòrónà kò wúlò fún èyí rárá. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n oògùn, tí wọ́n rà ní tuntun, wọ́n omi sí i tí wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ sí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ṣa àfọ́kù láìtún fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Inú náílọ́ọ̀nù tó nípọn ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á dì í, wọ́n á tún fi òmíràn bò ó, wọ́n á kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí i lára. Ilẹ̀ àti bẹ́ǹṣì, aṣọ tútù ni wọ́n fi nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ náà sì bá àpò náà lọ. Ìwé tó ti rẹ, wọ́n dà á nù pẹ̀lú rẹ̀. Olùkọ́ kan fẹ́ gbìyànjú láti sá ìwé ìdánwò kan sóòrùn, a ní kó jọ̀ọ́ gbàgbé ẹ̀. Àwọn elétò ìmọ́tótó ìjọba ni wọ́n lọ bi léèrè ibi tí wọn yóò kó àpò náà lọ. Dídà á sí ẹ̀yìn ọgbà ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré bọ́ọ̀lù.

Àárọ̀ Sátidé ni kápẹ́ńtà gòkè. Ọmọ Bìròm ni, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ òrùlé, Hausa la jọ ń sọ. Kó tó gbé àkàbà sílẹ̀ rárá, ó jáde sí ìta, ó sì dúró sí òkèèrè ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ó ń wo góńgó òrùlé bóyá ó tẹ̀ ní àárín. Ó na okùn láti igun kan sí èkejì lábẹ́ etí páànù. Ó yí ògiri ká, ó ń wá ibi tó là. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìlà tín-ín-rín lára pílásítà kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ibi tó là gba igun ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé lọ sókè ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ìka kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀, tàbí ilẹ̀kùn tó ti ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá ń há, àmì pé ilé ń rìn ni. Ó ní bí òun bá rí ọ̀kan nínú ìyẹn, òun ò ní gòkè, ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN ni ká lọ pè. Inú wa dùn sí i pé ó mọ ibi tí iṣẹ́ òun parí sí. Kò rí irú rẹ̀. Góńgó òrùlé gún, ògiri wà bó ṣe wà.

Nígbà tó gòkè, ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn ni ibi tí omi gbà wọlé. Ó ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n jẹ́ kí inú ilé ṣókùnkùn, ó sì ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ láti inú páànù. Ihò bíi mẹ́jọ ló rí, wọ́n tò bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n wọ́n. Páńẹ́lì sólà ni. Ní oṣù kẹfà, wọ́n ti gbé páńẹ́lì mẹ́rin sórí ilé náà. Ẹni tó gbé e fi súkúrúù gba páànù kọjá, kò sì fi wọ́ṣà rọ́bà sí ìdí rẹ̀. Ó tún tẹ páànù náà níbi tí kò sí igi lábẹ́, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀, omi wá ní ibi tó lè dúró sí. Ìṣó àtijọ́ tó wà nítòsí ibẹ̀ ti yọ sókè pẹ̀lú fìlà rẹ̀ nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà.

Gbogbo oṣù kẹjọ, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí kò sí ọmọ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́, ni omi ń gba ibẹ̀ wọlé. Olùkọ́ kíláàsì náà wá rántí pé òun rí àbàwọ́n kan lókè kí wọ́n tó lọ ìsinmi, ó rí bí òrùka, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti tíì. Wọ́n kùn ún lọ́dà funfun nítorí ọjọ́ ìpinfúnni ẹ̀bùn. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti wá. Àwa tí a ta ọ̀dà náà kò bi í, ká má parọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan kó lè yé wa bí omi ṣe ń wúwo. Tí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà kan sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, lítà omi kan nìyẹn, kílò kan sì ni. Kíláàsì yìí jẹ́ 9 lọ́nà 7, èyí tó jẹ́ 63. Ká ní òjò alẹ́ kan tó mìlímítà 40. Omi tó kọlu òrùlé kíláàsì kan yẹn nìkan á jẹ́ 63 lọ́nà 40, ìyẹn lítà 2,520, tó ju tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ díẹ̀. Páànù ló yẹ kó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ìdá kan péré nínú 50 ló gba ihò wọlé, lítà 50 nìyẹn, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ ronú pé ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì kan sórí àjà. Omi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í tàn káàkiri. Bí bọ́ọ̀dù kan bá ti rọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo omi yóò ṣàn lọ, yóò sì túbọ̀ máa rọ̀.

Ohun tó sì gbé bọ́ọ̀dù náà ró kò lágbára. Igi tín-ín-rín ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀dù mọ́, àwọn kápẹ́ńtà ń pè é ní nọ́gìnì. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gbá ìṣó náà sókè, nítorí náà gbogbo ìwúwo ń fa ìṣó náà bọ̀ bí ẹni ń fi fìlà òòlù yọ ọ́. Igi tó ń tutù tó ń gbẹ fún oṣù méjì á wú, á sún kì, ihò ìṣó á máa fẹ̀, ìṣó fúnra rẹ̀ á dípẹtà. Nígbà tí bọ́ọ̀dù kan bá já, ó máa ń fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí mọ́kànlá fi já lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣó tí a ṣà nílẹ̀, inṣi kan ààbọ̀ ni, díẹ̀ ṣì funfun, ọ̀pọ̀ ti pọ́n bí osùn.

Kápẹ́ńtà fi ìdí súkúrúdíráfà gún gbogbo igi òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igi tó dára kì í gbà kí ó wọlé, á máa dún kọ́kọ́. Èyí tó ti jẹrà á gbà á bí iṣu sísè, èyí tí ikán ti jẹ á dún bí páálí òfìfo. Orí igi òrùlé kan, ní ibi tó ti sùn lé ògiri lábẹ́ ihò sólà gan-an, ti jẹrà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ikán kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn yòókù le. Ní kíláàsì apá òsì, ó fi igi gbọọrọ kan lu bọ́ọ̀dù àjà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó rí méjì tó ti ń mì, tí etí wọn ti sọ̀ kalẹ̀ tó ìbú ìka. Kò sí àbàwọ́n kankan lára wọn. Ẹni tó bá ń wo àbàwọ́n nìkan kò ní rí wọn.

Ariyanjiyan wà lórí ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn òbí kan fẹ́ kí wọ́n gbé àjà tuntun sí i kíákíá, kí kíláàsì lè rẹwà. Ìwọ ọlọ́jà, wọ́n á ní, àǹfààní rẹ ni. Ṣùgbọ́n a sọ fún wọn pé a ò ní ta bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún wọn kí òrùlé tó dára. Ẹni tó bá gbé àjà tuntun sábẹ́ páànù tó ń jò, owó ló kó sómi, ó sì tún ti bo ihò náà mọ́lẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ náà kò tó ohun méjèèjì. Òrùlé ni wọ́n ná an lé.

Wọ́n sọ páńẹ́lì kalẹ̀. Kápẹ́ńtà yọ páànù méjì tó tẹ̀, ó gé orí igi tó jẹrà kúrò títí ó fi dé ibi tó le, ó fi igi tuntun tó ti gbẹ, tí wọ́n sì ti fi oògùn ikán kùn, bá a lára lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi bóòtù dè é. Páànù tuntun wọlé, súkúrúù tó ní wọ́ṣà rọ́bà ló lò, orí òkè ìgbì páànù ló sì ń gbá a sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Tí rọ́bà bá fẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wọ́ṣà, ó ti tó. Tí èèyàn bá fún un jù, rọ́bà á là, ihò mìíràn nìyẹn. Páńẹ́lì náà, orí irin ni wọ́n gbé e sí nílẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n ṣe ọgbà kékeré yí i ká.

Àwọn bọ́ọ̀dù tó ń mì ní apá òsì, wọ́n fọ́nmi sí wọn, wọ́n yọ wọ́n ní odindi, wọ́n dì wọ́n bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn tó kù ní kíláàsì àárín náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ̀. Bọ́ọ̀dù tó dúró gbọn-in ní yàrá méjèèjì tó kù, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọn ò lù ú níṣòó, wọn ò fi nǹkan kọ́ ọ. Yíyọ ohun tí kò bàjẹ́ ló máa ń da eruku rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n wá dúró de òjò. Èyí ló nira fún àwọn òbí jù, pé ilé ti tún ṣe, síbẹ̀ wọn ò ṣí i. Ṣùgbọ́n kápẹ́ńtà ní dída omi sórí páànù pẹ̀lú garawa dára, òun sì ti ṣe é, ṣùgbọ́n kò dà bí òjò tó ní atẹ́gùn nínú. Láàárín àkókò yìí, abẹ́ igi máńgòrò àti gbọ̀ngàn ìjọsìn kan ní ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ọmọ ti ń kàwé, aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, torí ọ̀sán ni òjò sábà máa ń dé. Òjò rọ̀ ní alẹ́ Sátidé kejì, ó sì rọ̀ dáadáa. Máígádì àti hẹ́dìmísì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ìkán omi kan lórí ìwé gbígbẹ máa ń hàn ju ti orí sìmẹ́ńtì lọ. Ìwé náà gbẹ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mọ́ńdè ni oníná dé. Ó yọ wáyà kíláàsì àárín pátápátá, ó fa tuntun, ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn ti yàrá yòókù kó tó tan súwíìṣì ńlá padà. Kò dá fáànù padà sí kíláàsì àárín, nítorí kò sí ohun tí yóò gbé e ró tó dá a lójú. Ní Túsìdeè, wọ́n tún fi aṣọ tútù nu gbogbo ilẹ̀ àti bẹ́ǹṣì. Alága ìgbìmọ̀ òbí, hẹ́dìmísì àti kápẹ́ńtà rìn yí ká pa pọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ ohun tó bàjẹ́, ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tó kù tí wọn ò tíì ṣe. Wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹnu géètì. A rí i pé ìwé yẹn pa ariwo tó pọ̀ ju ìpàdé méjì lọ.

Ọjọ́rú ni àwọn ọmọ wọlé. Olùkọ́ kíláàsì àárín fi páànù tó hàn lókè hàn wọ́n, ó sì sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá rí omi tó kán, tàbí tó gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́-kẹ́ lókè, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kò ní jẹ́ ariwo ní kíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ ní ìwé kékeré kan báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì àti lẹ́yìn òjò ńlá, ó máa ń wo òkè ní yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á kọ ohun tó rí àti ọjọ́ tó rí i, á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí àbàwọ́n tuntun ká kó lè mọ̀ bó bá ń fẹ̀. Nígbà ìsinmi, máígádì ni yóò máa ṣe é.

Kíláàsì láìsí àjà kò rọrùn. Ní ọ̀sán, páànù ń gbóná, bí òjò bá sì dé, ọmọ tó wà ní ìlà ẹ̀yìn kò ní gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Wọ́n ti wá ń ṣe ìwé kíkọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ dípò kíkà. Ìyá kan ṣì fi ọmọ rẹ̀ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Bọ́ọ̀dù tuntun, ìgbìmọ̀ ní oṣù kọkànlá ni, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ igi òrùlé dáadáa. Kápẹ́ńtà ti sọ pé súkúrúù ni òun yóò lò, kì í ṣe ìṣó, òun yóò sì fi ojú ihò tó ní ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní igun kan, kí èèyàn lè máa yọ orí wo òkè láìfọ́ nǹkan kan.